Kúùbù Rúbíìkì: Ìdí Tí Ìpele Tó Kẹ́yìn Fi Ń Dà Bí Ẹni Pé Gbogbo Rẹ̀ Ti Bàjẹ́

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, iná ti lọ, a sì tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi, ti ń bá kúùbù tí wọ́n rà fún un lọ́jà Tákíe wọ̀jà láti ọjọ́ Ajé: ohun ìṣeré olójú mẹ́fà ni, à ń yí i títí ojú kọ̀ọ̀kan yóò fi ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó ti to ìpele àkọ́kọ́, ó ti to ìkejì, ìkẹta náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Igun méjì péré ló kù. Ó yí kúùbù náà bí mo ṣe kọ́ ọ, igun kìn-ín-ní dára, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó wá yọjú wo ìsàlẹ̀, funfun ti dàpọ̀ mọ́ búlúù, pupa ti wọnú àwọ̀ ewé. Ó ju kúùbù sórí ẹní.

"Bọ̀dá mi, mo ti bà á jẹ́!"

Kò bà á jẹ́ rárá. Ohun tó kù kò ju yíyí mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó gbé e, torí mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe: ó fẹ́ padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti funfun. Ibẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ kúùbù ti ń padà sẹ́yìn, wọ́n á sì máa sọ pé àwọn kò ní orí ẹ̀. Orí kọ́ ló fà á. Ẹnì kan ló fi àyípo, ìyẹn àwọn yíyí tó ń tẹ̀ lé ara wọn, lé wọn lọ́wọ́ láì sọ fún wọn pé kúùbù gbọ́dọ̀ dàrú kó tó tò. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ là yé yín, àmọ́ ó ní gbòǹgbò, ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ wá.

Ọ̀gbẹ́ni Rúbíìkì tó ṣe kúùbù yìí ní 1974 jẹ́ olùkọ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní ìlú Búdápẹ́ẹ̀sì, lórílẹ̀-èdè Họ́ńgárì. Ohun tí ó ṣe kì í ṣe àpótí tí wọ́n lẹ àwọ̀ mọ́ lára. Ègé kéékèèké ni, 26 ni a sì ń rí lóde. Mẹ́fà nínú wọn ni àárín, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára wọn, wọn kì í sì í kúrò níbi tí wọ́n wà. Wọ́n so mọ́ egungun inú kúùbù, yíyí ni wọ́n lè yí lójú kan. Èyí túmọ̀ sí pé àárín ló ń sọ orúkọ ojú: ojú tí àárín rẹ̀ bá pupa, pupa ni yóò jẹ́, ohun yòówù tó lè wà ní àyíká rẹ̀ lónìí. Nínú kúùbù tó wọ́pọ̀, funfun kọjú sí yẹ́lò, búlúù kọjú sí àwọ̀ ewé, pupa kọjú sí àwọ̀ ọsàn.

Àwọn méjìlá tó tẹ̀ lé wọn ni mo ń pè ní etí, àwọ̀ méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ tó kù ni igun, àwọ̀ mẹ́ta. Igun tó ní funfun, pupa àti búlúù, ọ̀kan ṣoṣo ni nínú gbogbo kúùbù, ọmọ ìyá ni àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí bí o ṣe lè yí i tí wọn yóò pínyà. Nítorí náà a kì í to àwọ̀. Ègé ni à ń mú lọ sí ilé rẹ̀. Ẹni tó bá to ojú funfun tó kún dáadáa, tí etí àti igun rẹ̀ kò bá àárín ẹ̀gbẹ́ mu, kò tíì to ìpele kankan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo ọjọ́ kan gbáko lórí àṣìṣe yìí kó tó yé e.

Bí a ṣe ń kọ àyípo sílẹ̀ rọrùn. Lẹ́tà kan dúró fún ojú kan: R ni ọ̀tún, L ni òsì, U ni òkè, D ni ìsàlẹ̀, F ni iwájú. Lẹ́tà nìkan, yí ojú náà lẹ́ẹ̀kan bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí àmì kékeré bá wà lára rẹ̀, bíi R', yí i lòdì sí aago. Bí 2 bá wà níbẹ̀, yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó ń dààmú èèyàn ni pé ojú ìwọ tó kọjú sí ojú náà ni a fi ń wo aago. Ìdí nìyí tí D fi ń gbé ìlà iwájú tó wà nísàlẹ̀ lọ sí ọ̀tún: bí o bá yọjú láti abẹ́, wàá rí i pé bí aago ló lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára gba ibi tó rọrùn kọjá. Kọ́kọ́ gbé yẹ́lò sókè, kí o wá kó etí funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí àárín yẹ́lò náà ká bí ewé òdòdó. Lẹ́yìn náà mú etí kọ̀ọ̀kan, yí òkè títí àwọ̀ kejì rẹ̀ yóò fi bá àárín ojú tó wà níwájú mu, kí o sì yí ojú iwájú náà lẹ́ẹ̀mejì, funfun yóò bọ́ sísàlẹ̀. Láti ìgbà yìí lọ, funfun wà nísàlẹ̀, yẹ́lò wà lókè, kò tún sí ìgbà tí a ó dojú kúùbù dé mọ́.

Igun funfun ló kàn. Wá igun funfun kan ní ìpele òkè, yí òkè títí yóò fi wà lórí ilé rẹ̀ gan-an, kí ilé náà sì wà ní iwájú lápá ọ̀tún. Tún èyí ṣe títí yóò fi wọlé:

```
R U R' U'
```

Ó lè gbà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí igun funfun bá há sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ó jáde sókè.

Ìpele kejì, etí mẹ́rin péré ló nílò. Wá etí tí kò ní yẹ́lò lára ní òkè, jẹ́ kí àwọ̀ iwájú rẹ̀ bá àárín mu. Bí ó bá ń lọ sí ọ̀tún, lo ìlà kìíní. Bí ó bá ń lọ sí òsì, lo ìkejì:

```
U R U' R' U' F' U F
U' L' U L U F U' F'
```

Ìpele méjì ti tò nìyẹn. Ìpele kẹta ní iṣẹ́ mẹ́rin. Èkínní, àgbélébùú yẹ́lò lókè. Ohun tí wàá bá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin: kó ti tò fúnra rẹ̀, tàbí ìlà gbọọrọ, tàbí ohun tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tàbí àárín yẹ́lò nìkan. Mú ìlà ní ìbú, láti òsì dé ọ̀tún. Mú ìgbọ̀nwọ́ kí apá rẹ̀ kan wà lẹ́yìn, kí èkejì wà lósì. Ìlà ń gba ẹ̀ẹ̀kan, ìgbọ̀nwọ́ ń gba ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ àárín nìkan, ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ìgbọ̀nwọ́ yóò jáde, kí o wá mú un bí mo ṣe wí:

```
F R U R' U' F'
```

Èkejì, kí etí yẹ́lò bá ẹ̀gbẹ́ mu. Yí òkè títí méjì yóò fi bá àárín wọn mu. Bí àwọn méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fi ọ̀kan sẹ́yìn, fi èkejì sí ọ̀tún, kí o ṣe èyí. Bí wọ́n bá kọjú síra wọn, ṣe é lẹ́ẹ̀kan bí ó ti wù kó rí, kí o tún wò:

```
R U R' U R U2 R' U
```

Ẹ̀kẹta, kí igun yẹ́lò kọ̀ọ̀kan dé ilé rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì kọjú sí ibi tó yẹ. Wá igun tó ti wà nílé, ìyẹn ni pé àwọ̀ mẹ́ta ara rẹ̀ ni àwọ̀ ojú mẹ́ta tó yí i ká, yálà wọ́n kọjú síbẹ̀ tàbí wọn kò kọjú síbẹ̀. Mú un sí iwájú lápá ọ̀tún, kí o ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí ọ̀kan tó wà nílé, ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan yóò yọ:

```
U R U' L' U R' U' L
```

Ibi tí ọmọ náà wà nìyẹn, a sì ti dé ibi tí mo ń bọ̀. Gbogbo igun ti wà nílé, méjì nínú wọn kàn yí ojú sí ibòmíràn ni. Àyípo tó kù kúrú jù lọ nínú gbogbo wọn:

```
R' D' R D
```

Mo kọ́ ọ ní ohùn tí yóò fi máa rántí rẹ̀: ọ̀tún wálẹ̀, ìsàlẹ̀ lọ sósì, ọ̀tún gòkè, ìsàlẹ̀ lọ sọ́tùn-ún. Igun tí à ń tún ṣe gbọ́dọ̀ wà ní iwájú lápá ọ̀tún lókè. Bí yẹ́lò rẹ̀ bá kọjú sí ọ̀tún, àyípo náà yóò gbà ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí yẹ́lò rẹ̀ bá kọjú sí ìwọ tó di kúùbù mú, yóò gbà ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí iye mìíràn.

Mo mú kúùbù tó sọ sílẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ohun tó ṣe. Búlúù wà níwájú rẹ̀, pupa wà lọ́tùn-ún, funfun nísàlẹ̀. Igun kìn-ín-ní ni yẹ́lò, búlúù àti pupa, yẹ́lò rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún. Ó ṣe àyípo lẹ́ẹ̀kan, igun náà lọ farapamọ́ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ẹni pé ó ti sọnù. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, igun padà sókè, yẹ́lò sì wà lórí. Ohun tó ṣe tọ̀nà pátápátá. Ohun tó dà á láàmú ni pé ìpele méjì ìsàlẹ̀ ti dàrú, ó sì rò pé òun ló dá ẹ̀ṣẹ̀ kan.

Mo ní kó fọkàn yàwòrán ẹni tó ń rìn yí ilé kan tó ní ilẹ̀kùn mẹ́fà ká. Ó gbéra láti ilẹ̀kùn iwájú. Bí ó bá kọjá ilẹ̀kùn méjì tó sì dúró, ẹ̀yìnkùlé ló wà, ẹni tó ń wò ó láti iwájú yóò ní ó ti sọnù. Bí ó bá tún kọjá mẹ́rin sí i, iwájú ló padà dé. Ìsàlẹ̀ kúùbù ni arìnrìn náà. Ẹ gbé kúùbù tó ti tò délẹ̀, ẹ ṣe `R' D' R D` lẹ́ẹ̀mẹfà tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ yóò dàrú, yóò sì padà sí bó ṣe wà. Mẹ́fà ni ìdíwọ̀n ìrìn náà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé láàárín ìrìn yìí, ní ìgbà tí àyípo bá pé méjì tàbí mẹ́rin, ohun kan ṣoṣo ni yóò yàtọ̀ ní ìpele òkè: igun tó wà ní iwájú lápá ọ̀tún yóò ti yí ojú. Ẹ̀yin wá yára yí òkè, ẹ gbé igun mìíràn síbẹ̀, kí ìsàlẹ̀ máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ pààrọ̀ igun lórí òun.

Nítorí náà a padà sí ibi tó dúró. Igun kejì ni yẹ́lò, búlúù àti àwọ̀ ọsàn, iwájú lápá òsì ló wà. Mo ní kó yí òkè nìkan lẹ́ẹ̀kan lòdì sí aago, igun náà sì dé ọ̀tún, yẹ́lò rẹ̀ kọjú sí i gbọnrangandan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rèé, ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn èkejì:

```
R' D' R D   R' D' R D
U'
R' D' R D   R' D' R D
R' D' R D   R' D' R D
U
```

Méjì àti mẹ́rin, mẹ́fà. Ìgbà tó ṣe D tó kẹ́yìn, ìsàlẹ̀ dédé tò lẹ́ẹ̀kan náà, funfun padà sí funfun. U tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kàn ń dá òkè padà sí ipò rẹ̀ ni. Ọmọ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo kúùbù, ó ní kí n tún un dà rú kóun tún ṣe é.

Kò sí ohun tó yẹ kí ẹ gbàgbọ́ láìṣírò níbí. Bí igun méjì bá kù, ọ̀kan yóò gba méjì, èkejì yóò gba mẹ́rin. Bí mẹ́ta bá kù, gbogbo wọn yóò gba méjì méjì, tàbí gbogbo wọn yóò gba mẹ́rin mẹ́rin. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kù, méjì yóò gba méjì, méjì yóò gba mẹ́rin. Ẹ ro wọ́n pọ̀, mẹ́fà tàbí méjìlá ni yóò máa jẹ́ nígbà gbogbo. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láì ṣe ìṣirò yìí. Mo á yí òkè, mo á wo igun kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá dé ọ̀tún níwájú, mo á ka iye tó ń béèrè, mo á dá òkè padà, mo á wá bẹ̀rẹ̀.

Bí ìṣirò bá pé tí kúùbù kò sì tò, àṣìṣe ọwọ́ ni, mẹ́ta ló sì wọ́pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni pé èèyàn ń dúró kó tó pé. Ẹ wò ó dáadáa: nínú àyípo tó kẹ́yìn fún igun kan, yẹ́lò ti ń yọ sókè nígbà tí R bá ti gòkè, kí D tó tẹ̀ lé e. Ojú á rí yẹ́lò, ọwọ́ á dúró, D á sì ṣẹ́ kù. Bí ìsàlẹ̀ ṣe yí kúrò lọ́nà lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e yóò wọ́. Ìkejì ni pé èèyàn á yí gbogbo kúùbù lọ́wọ́ láti wá igun tó kàn, dípò kó yí ìpele òkè nìkan. Bí búlúù bá wà níwájú yín nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, búlúù gbọ́dọ̀ wà níwájú títí dé òpin. Mo máa ń ní kí ọmọ fi àtàǹpàkò òsì lé àárín iwájú, kó má gbé e kúrò. Ìkẹta ni dídá òkè padà láàárín iṣẹ́, kó lè rí bó ṣe lẹ́wà. Òkè kò ní láti lẹ́wà ní àkókò yìí, ìparí ni a ń dá a padà.

Ṣùgbọ́n ó ní kúùbù tí ìṣirò rẹ̀ kò ní pé láéláé. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ aládùúgbò wa gbé tirẹ̀ wá, ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí igun kan ṣoṣo fi ń ṣẹ́ kù fún òun. Mo wò ó: gbogbo rẹ̀ tò, igun kan péré ló yí ojú. Igun kan, méjì tàbí mẹ́rin, kò jẹ́ mẹ́fà láé. Mo bi í pé ta ló bọ́ kúùbù náà. Ó kọ́kọ́ ní kò sẹ́ni, kó tó wá rántí pé ó já bọ́ lọ́wọ́ àbúrò òun lórí sìmẹ́ńtì, ègé mélòó kan sì tú jáde, àwọn sì tì wọ́n padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé yíyí nìkan ń gbé kúùbù dé ipò 43,252,003,274,489,856,000. Ìlọ́po 12 iye yẹn ló wà bí a bá tú u palẹ̀ tí a sì tò ó padà bí ọwọ́ bá ṣe bà á. Èyí ni pé nínú ìgbà 12 tí èèyàn bá tì í padà láìwò, ìgbà 1 péré ni yíyí lè yanjú rẹ̀. Àmì rẹ̀ máa ń fara hàn ní ìpele kẹta. Bí ẹ bá ń wá àgbélébùú yẹ́lò tó sì jẹ́ pé etí yẹ́lò kan tàbí mẹ́ta ló kọjú sókè, etí kan ni wọ́n fi sódì. Bí etí bá ti tò tán, tó sì jẹ́ pé igun méjì péré ló wà nílé, tí méjì tó kù gba ilé ara wọn, wọ́n ti pààrọ̀ ègé méjì. Bí igun kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù ní ìparí, igun ni wọ́n yí.

Igun ló rọrùn jù láti tún ṣe. Mo fi ìka méjì di igun yẹn mú ṣinṣin, mo sì fi agbára yí òun nìkan lójú kan títí yẹ́lò fi kọjú sókè. Kúùbù tó bá dẹ̀ díẹ̀ yóò gbà. Èyí tó bá le, ẹ yí ìpele òkè dé ìdajì ọ̀nà, kí etí kan wà láàárín ibi méjì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ etí náà sókè kó yọ, igun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò wá jáde ní ìrọ̀rùn, ẹ ó sì tì wọ́n padà bó ṣe yẹ. Tirẹ̀ dẹ̀. Ó dún pàá lọ́wọ́ mi, ó sì tò.

Ọmọ náà gbà á, ó yí i wò lójú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní: "Ẹ ṣé, sà. Ọ̀sẹ̀ méjì!" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti na ọwọ́ sí i kó bá a dà á rú.